Láti Inú Fláyà sí Ìkéde Kúkúrú fún Gúrúùpù Àdúgbò

Ní gúrúùpù Wáàsáàpù ẹgbẹ́ onílé, ti ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, fláyà kì í wọ́n. Ẹnì kan á rí i lórí sítátọ́ọ̀sì ẹlòmíì, á ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, á jù ú sínú gúrúùpù, á sì gbà pé òun ti kéde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ni kò tíì gbọ́. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán kò ní ṣí àwòrán náà. Ẹni tí kò ríran dáadáa mọ́ á máa fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, bó sì ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ni lẹ́tà rẹ̀ á túbọ̀ máa rú. Ẹni tó fẹ́ pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ á wá bírò, á dà á kọ sórí ìwé, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, nọ́ńbà inú àwòrán kò ṣeé tẹ̀ kó pe ara rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí ẹnì kan rántí, tó sì tẹ ọ̀rọ̀ kan tó rántí nínú rẹ̀ láti wá a nínú gúrúùpù, ọ̀rọ̀ tí èèyàn fọwọ́ tẹ̀ ló máa jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán.

Ìdí nìyí tó fi di iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, tàbí ẹni yòówù tó ń bójú tó gúrúùpù, láti ka fláyà kó sì tún un kọ ní gbólóhùn díẹ̀. Iṣẹ́ náà jọ iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ẹrù kan wà lórí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Tí a bá fi nǹkan ránṣẹ́ láti ibòmíì lórí Wáàsáàpù, àmì kan máa ń wà lórí rẹ̀ tó ń fi han ẹni tó ń kà á pé ẹni tó fi í síbẹ̀ kọ́ ló kọ ọ́. Ohun tí a bá fọwọ́ ara wa tẹ̀ kì í ní àmì yẹn. Orúkọ akọ̀wé wọn nìkan ni àwọn ará àdúgbò máa rí lókè rẹ̀, wọ́n á sì múra, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ jáde nínú fláyà ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sì ti di onídùúró fún un. Kò tó kó mọ ohun tí fláyà sọ; ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí fláyà kò sọ, kó sì lọ béèrè rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i nínú gúrúùpù tó jẹ́ ti ìkéde nìkan, níbi tí àwọn alábòójútó nìkan ti lè kọ nǹkan. Gúrúùpù Wáàsáàpù lè gba èèyàn tó tó 1,024. Tí ìkéde bá gbàgbé àdírẹ́sì nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè béèrè lójú gbogbo ayé pé "Níbo ni?" kí ẹlòmíì sì dá a lóhùn. Kálukú á dákẹ́, tàbí kí wọ́n máa pe akọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkéde irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró láìsí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀.

Fláyà kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹnì kan fi fọ́tò fláyà àyẹ̀wò ojú ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2026. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Lókè, àmì ẹgbẹ́ tó ṣètò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì àwọn onígbọ̀wọ́ mẹ́rin. Láàárín, ìyá àgbà kan wọ gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé àyẹ̀wò ojú àti gíláàsì, ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, gbọ̀ngàn Mápó, aago 9 àárọ̀. Orúkọ àwọn àlejò pàtàkì mẹ́fà tẹ̀ lé e, tòun ti oyè wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àmì ìràwọ̀ kékeré kan wà, tí wọ́n fi lẹ́tà tíntín kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ẹni 100 tó bá kọ́kọ́ dé ni gíláàsì ọ̀fẹ́ wà fún. Nọ́ńbà fóònù méjì ló kẹ́yìn, èkejì sì ti wọ abẹ́ àpótí ìdáhùn fóònù ẹni tó ya á.

Ohun tí akọ̀wé máa kọ́kọ́ ṣe ni kó wo fọ́tò náà fúnra rẹ̀ kó tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà láti orí sítátọ́ọ̀sì máa ń bo fláyà ní ibi méjì: orúkọ ẹni tó ni sítátọ́ọ̀sì máa ń bo òkè, àpótí ìdáhùn máa ń bo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe fláyà máa ń kó àdéhùn, nọ́ńbà àti ohun tí kò dùn ún kà sí. Tí ibì kan bá ti bò, kí akọ̀wé bẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kó wá ojúlówó fláyà náà, tàbí kó béèrè ọwọ́ ẹni tó ti rí i. Ẹni tó bá méfò nọ́ńbà tó ku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú irọ́.

Lẹ́yìn náà, kó mú bébà, kó kọ ìbéèrè mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan: Kí ni? Fún ta ni? Ọjọ́ wo? Aago mélòó sí mélòó? Níbo? Èló? Kí ni kí wọ́n mú dání? Ta ni kí wọ́n pè? Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó kọ ohun tí fláyà sọ sí, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Níbi tí fláyà kò bá ti sọ nǹkan kan, kó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Àyè tó ṣófo yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé ibẹ̀ ni èrò tiwa ti máa ń yọ́ wọlé. Nínú fláyà tiwa, àyè márùn-ún ló ṣófo. Wọn kò kọ ọdún. Wọn kò kọ aago tí wọ́n máa parí. Wọn kò sọ bóyá ọmọdé lè wá. Wọn kò sọ ohun tó yẹ kéèyàn mú dání. Wọn kò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n bá rí àìsàn lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tí kò ní ọdún

Àyè ọdún ni kí akọ̀wé kọ́kọ́ mú, torí pé fláyà kì í kú. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn lè tún jí dìde nínú fóònù ẹnì kan kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀ láti fi mú púpọ̀ nínú wọn: kéèyàn ṣí kàlẹ́ńdà kó wò ó bóyá ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ bá déètì mu. Déètì kan náà máa ń sún síwájú ní ọjọ́ kan lọ́dọọdún, tí oṣù Kejì tó ní ọjọ́ 29 bá sì ti kọjá láàárín, á sún ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ní 2025, ó bọ́ sí Sátidé ní 2026. Ká ní ọjọ́ Ẹtì ni fláyà wa kọ, a mọ̀ pé ó ti gbó tàbí pé ẹni tó ṣe é ṣì í kọ. Èyí tó wù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ dé gúrúùpù.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kì í fọwọ́ sí nǹkan. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta bọ́ sí Sátidé ní 2020 pẹ̀lú, ó sì bọ́ sí i ní 2015. Tí déètì bá bá ọjọ́ mu, ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa kò ju pé fláyà náà ṣì lè jẹ́ ti ọdún yìí lọ. Ẹni tó ṣètò nǹkan nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìpè tó dí àwọn àyè

Kí akọ̀wé tó pè, kó ka òǹkà nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà máa ń jẹ́ òǹkà 11 tí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí òdo. Fọ́tò tó ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ máa ń rú tó bẹ́ẹ̀ tí 8 á fi jọ 3 tàbí 6, tí òdo á sì jọ 8. Tí òǹkà bá pé 11, kó tẹ̀ ẹ́ láti orí bébà tó dà á kọ sí, kì í ṣe láti orí fláyà, kó lè jẹ́ pé ohun tó fẹ́ fi síta gan-an ló ń dán wò.

Ìpè náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì lè lọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. A rí fláyà àyẹ̀wò ojú yín, a sì fẹ́ kéde rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa. Ṣé ọdún yìí ni, Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ 14?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, Sátidé yìí ni. Mápó Họ́ọ̀lù."

"Aago mélòó ni ẹ máa ṣíwọ́ gbígba èèyàn?"

"Aago méjì ọ̀sán. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tètè wá, torí gíláàsì kò pọ̀."

"Ṣé ẹ máa ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí àyẹ̀wò nìkan?"

"Rárá sà, àyẹ̀wò nìkan ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá nílò iṣẹ́ abẹ, a máa fún un ní lẹ́tà lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ló ti máa sanwó."

"Ó dáa mà. Ṣé ẹ máa kán oògùn sójú?"

"Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fúnra wọn wakọ̀ wá, kí wọ́n sì mú gíláàsì àtijọ́ wọn àti oògùn ojú tí wọ́n ń lò dání. Àgbàlagbà nìkan ni o, a kò mú irinṣẹ́ ọmọdé wá."

Ẹ wo ohun tí ìpè kékeré yìí ṣe. Àyè márààrún ló kún, ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n ń kán sójú sì tún jáde, èyí tí kò sí lórí fláyà rárá. Oògùn tí wọ́n fi ń mú kí inú ojú là kí dókítà lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan. Bàbá tó bá fúnra rẹ̀ wa mọ́tò lọ sí Mápó lè má ríran dáadáa nígbà tó bá ń bọ̀. Ìbéèrè yẹn kò lè wá síni lọ́kàn àfi tí èèyàn bá fojú inú wo ẹni tó máa lọ: báwo ló ṣe máa débẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún un, báwo ló ṣe máa padà sílé.

Tí wọn kò bá gbé fóònù, kó pè lẹ́ẹ̀kejì ní wákàtí mìíràn. Tí wọn kò bá gbé e títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sàn kí ìkéde náà má jáde ju kó jáde láìsí ẹ̀rí. Ohun kan tún wà tí kò nílò ìpè rárá: tí fláyà bá ní líǹkì ìforúkọsílẹ̀, kí akọ̀wé ṣí i fúnra rẹ̀ kó ka ohun tí wọ́n ń béèrè. Àyẹ̀wò ojú kò ní nǹkan í fi BVN ṣe, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM. Ibi tí ó bá ti rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kó ti líǹkì náà pa, kó sì sọ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́ ìdí tí kò fi ní gbé e síta.

Ohun tó ń ṣubú lójú ọ̀nà

Nísinsìnyí ló tó àkókò láti kọ ọ́. Kí a tó wo èyí tó dáa, ẹ jẹ́ ká wo irú èyí tó máa ń jáde nígbà tí wọn kò bá gba ọ̀nà tí a gbà yìí:

> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa àtàtà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo wa. Ìtọ́jú ojú lọ́fẹ̀ẹ́ ti dé o! Gbogbo ẹni tó bá wá ló máa gba gíláàsì. Sátidé tó ń bọ̀ ni, ní Mápó. Ẹ tètè dé o, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù yín.

Ìfẹ́ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá. Àyẹ̀wò ti di ìtọ́jú. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń funfun á gbà pé wọ́n máa là á fún òun lọ́jọ́ náà. Ẹni 100 ti di gbogbo èèyàn, torí pé lẹ́tà gàdàgbà ni òǹkọ̀wé náà kà, kò ka lẹ́tà tíntín. "Sátidé tó ń bọ̀" yè kooro lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ọ̀rọ̀ kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lọ sí Mápó ní ọjọ́ 21. "Lọ́la" àti "lọ́túnla" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé òru kan ṣoṣo ni wọ́n nílò láti di irọ́. Kò sí aago, kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ ẹni tó ṣètò rẹ̀. Ìkíni àti àdúrà sì ti gba ìlà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn ló máa ń hàn lójú fóònù kí èèyàn tó ṣí ọ̀rọ̀. Ẹni tó rí "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o" kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan òun.

Èyí ni bí ó ṣe yẹ kó rí lẹ́yìn ìpè. Níbi tí mo fi àmì mẹ́ta sí ni orúkọ ẹgbẹ́ náà máa wà, àwọn x sì dúró fún ìyókù nọ́ńbà fóònù.

> ÀYẸ̀WÒ OJÚ LỌ́FẸ̀Ẹ́: Sátidé 14 oṣù Kẹta 2026, gbọ̀ngàn Mápó, Ìbàdàn
>
> Aago 9 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Ẹ sọ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà-Ọba. Orí òkè ni gbọ̀ngàn náà wà, kí àgbàlagbà mú ẹni tó máa dì wọ́n mú lọ.
>
> Àgbàlagbà nìkan ni, kì í ṣe ọmọdé. Àyẹ̀wò kò gba owó. Kò sí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ máa gba lẹ́tà lọ sí ọsibítù, yóò sì sanwó níbẹ̀. Ẹni 100 tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gba gíláàsì ọ̀fẹ́.
>
> Ẹ mú gíláàsì àti oògùn ojú tí ẹ ń lò dání. Wọ́n lè kán oògùn sí yín lójú, ẹ má fúnra yín wakọ̀.
>
> Ẹgbẹ́ ... ló ṣètò rẹ̀. Ìbéèrè: 080xxxxxxxx
>
> Akọ̀wé ló fi síta, Túsìdeè 10 oṣù Kẹta 2026, lẹ́yìn tó pe nọ́ńbà òkè yìí.

Ìlà àkọ́kọ́ ru ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò kàn lè kà á tán kó máa bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó kàn á ṣí i. Tí a bá fi àmì * sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà náà láìfi àlàfo sílẹ̀, Wáàsáàpù á sọ ọ́ di lẹ́tà tó ki. Ìlà kan ṣoṣo ni kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Tí gbogbo ìlà bá ki, kò sí èyí tó yọ mọ́.

Fláyà kò sọ Bẹẹrẹ àti Ọjà-Ọba. Akọ̀wé ló fi wọ́n kún un, torí pé ibi tí èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ló ń mú un débi tó ń lọ ní Ìbàdàn. Òun náà ló fi ọ̀rọ̀ òkè kún un. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà lórí òkè yẹn láti 1929. Gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń dùn kò ní rántí àtẹ̀gùn títí tó fi máa dé ìdí rẹ̀. Irú àfikún yìí tọ́, torí pé ohun tí akọ̀wé mọ̀ dájú ni, kò sì yí ohun tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ ṣèlérí padà. Àfikún tí kò tọ́ ni èyí tó bá fi kún ìlérí: iye èèyàn, owó, ohun ọ̀fẹ́, ẹni tó lè wá.

Ohun tó kúrò pátápátá ni àmì àwọn onígbọ̀wọ́, orúkọ àwọn àlejò pàtàkì àti ọ̀rọ̀ ìwúrí. Orúkọ ẹgbẹ́ tó ṣètò rẹ̀ dúró, torí pé òun ni ẹni tó ń ṣiyèméjì máa fi wádìí. Àdéhùn kò gbọdọ̀ ṣubú láéláé, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ kéré tó lórí fláyà. Tí ààyè bá há, kí ọ̀rọ̀ dídùn kọ́kọ́ fò, kí "ẹni 100" dúró.

Gbígbé e síta, àti àtúnṣe

Kí ìkéde náà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí àwòrán fláyà tẹ̀ lé e lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Tí a bá kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àwòrán, ẹni tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ síwájú lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò, á wá ku fláyà tí kò ní ọdún nìkan. Fún àwọn àgbà tí kì í kàwé, kí akọ̀wé ka ìkéde kan náà sínú fóònù, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó pe nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kó má sọ ohun tí kò sí nínú ìkọ̀wé, kí ìkéde má bàa di méjì.

Ẹni tí kò lo gúrúùpù, tó jẹ́ àtòjọ ìfiránṣẹ́ ti Wáàsáàpù ló ń lò, ní láti mọ ààlà rẹ̀. Àtòjọ kan kò ju èèyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà akọ̀wé sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí ìkéde náà gbà, akọ̀wé á sì rò pé ó ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ká ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ṣètò rẹ̀ pe akọ̀wé pé aago 10 ni àwọn máa bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ máa fẹ́ lọ síbi àtúnṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìṣẹ́jú 15 péré ni Wáàsáàpù fi ń gba èèyàn láyè láti tún ohun tó ti fi ránṣẹ́ ṣe. Kódà nínú ìṣẹ́jú 15 náà, ohun tí ẹlòmíì ti gbé lọ sí gúrúùpù mìíràn kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní parẹ́ tí akọ̀wé bá pa tirẹ̀ rẹ́. Ohun tó yẹ ni kó kọ ìkéde tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ÀTÚNṢE, kó sọ ohun tó yí padà nínú ìlà àkọ́kọ́, "aago 10 ni, kì í ṣe aago 9 mọ́", kó sì tún gbogbo ìyókù kọ lódindi. Tó bá kàn kọ "Aago 10 o", ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ kò ní mọ ohun tó ń sọ. Déètì tó wà ní ìlà ìkẹyìn ìkéde ló tún máa ran àwọn tó rí méjèèjì lọ́wọ́: wọ́n á mọ èyí tó dé kẹ́yìn.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ìkéde àkọ́kọ́ pàápàá tó jáde, ìdánwò kan ṣì kù. Kí akọ̀wé ka ohun tó kọ sí ẹnì kan létí nínú ilé, ẹni tí kò rí fláyà náà rí. Kó má ṣàlàyé ohunkóhun. Kó wá bi í pé: "Ọjọ́ wo ni ẹ máa lọ? Níbo lẹ máa sọ̀? Kí lẹ máa mú dání? Ṣé ẹ máa rí gíláàsì gbà?" Tí ẹni náà bá dáhùn ìbéèrè kẹrin pé "Ó dìgbà tí mo bá wà nínú ẹni 100 tó kọ́kọ́ dé," ìkéde ti pé. Tó bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni," kí akọ̀wé padà síbi gbólóhùn yẹn kó tún un kọ, torí pé ohun tí ẹni yìí gbọ́ ni gbogbo àdúgbò náà máa gbọ́.